Kíka Ìwé Láti Inú Fọ́tò Kí A Tó Tú u Sí Lárúbáwá

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kàwé ní Yunifásítì Al-Azhar ní Kairó, tàbí ní Yunifásítì Ìsìláàmù tó wà ní Mẹ̀dínà, lè nílò kí wọ́n bá a tú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti èsì ìdánwò rẹ̀ sí èdè Lárúbáwá. Nígbà kan, ńṣe ni onítọ̀hún máa ń gbé ìwé náà dání lọ bá olùtúmọ̀. Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ya ìwé, wọ́n á sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́tò yìí ni olùtúmọ̀ ń kà. Bó bá ṣókùnkùn, bó bá wọ́, tàbí bí lẹ́tà inú rẹ̀ bá rú, kíkà ti di iṣẹ́ kan tí a gbọ́dọ̀ parí kí títúmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà iṣẹ́ náà kò ṣòro. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ẹlẹ́rìí níbòmíràn, a lè kà á bó tilẹ̀ rú díẹ̀. Èyí tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, àfi kí wọ́n tún un yà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fi bíírò kọ, tí wọ́n sì ti fi ọ̀rá bò kó má baà gbó. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí lóru, lábẹ́ gílóòbù, tí wọ́n fi yà á. Ẹni tó yà á kò nàró sí i dáadáa, fóònù rẹ̀ sì dagun. Nítorí náà, òkè ìwé fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún. Òjìji ọwọ́ rẹ̀ bo ọ̀tún ìwé níbi tí orúkọ parí sí, iná fóònù sì kọ mànà sórí ọ̀rá níbi tí òǹtẹ̀ wà.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti fi fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà rẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, a ó yí i dìde. Ìyẹn kò ba ohunkóhun jẹ́. Ti fóònù tó dagun ni kò rí bẹ́ẹ̀. A lè fa ìwé náà gún lórí fóònù kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu, àmọ́ lẹ́tà ìsàlẹ̀ tó ti kéré láti ilẹ̀ kàn máa fẹ̀ ni, kò ní mọ́ sí i.

Ìdí ni pé àmì tíntìntín ló para pọ̀ di fọ́tò, iye àmì tó bọ́ sórí lẹ́tà kan ló sì ń sọ bóyá yóò ṣeé kà. WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù kó lè tètè lọ, nígbà púpọ̀ dé bí 1600 àmì ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Tó bá jẹ́ odindi bébà A4 ló wà nínú rẹ̀, lẹ́tà tó ga ní mìlímítà 2 kò ní ju nǹkan bí àmì 11 lọ láti òkè dé ilẹ̀. Àlàfo kékeré tó ya 3 sọ́tọ̀ sí 8 lè pòórá síbẹ̀. Bí ẹni náà bá fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, WhatsApp kò ní dín in kù. Fóònù tó ń ya 4000 àmì ní ẹ̀gbẹ́ gígùn yóò fún lẹ́tà yẹn ní nǹkan bí àmì 27.

Lẹ́yìn èyí ni ká wo òkùnkùn. Tí a bá tan ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà sókè, tí ojú ìlà bíírò sì yọ lábẹ́ òjìji, a lè kà á. Ibi tí iná ti kọ mànà ni kò ní àtúnṣe, torí funfun lásán ló wà níbẹ̀. Ìrújú náà ní irú tirẹ̀. Bí gbogbo ìlà bá di méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ọwọ́ ló gbọ̀n, òkùnkùn sì máa ń dá kún un, nítorí fóònù ń la ojú pẹ́ kó tó rí ìmọ́lẹ̀ tó. Bí lẹ́tà bá wú yíká-yíká, fóònù kò fojú sun ìwé dáadáa. Méjèèjì, títún yà ni oògùn wọn.

Ẹ má ṣe rò pé nọ́ńbà tó dán lójú ló tọ̀nà. Lọ́dún 2013, David Kriesel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Jámánì kan, fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ Xerox kan ń yí nọ́ńbà padà nínú ìwé tí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń fi 8 rọ́pò 6. Ẹ̀rọ náà ń fún àwòrán pọ̀, ó sì ń lo àwòrán nọ́ńbà kan fún òmíràn tó jọ ọ́. Nọ́ńbà tó gbé jáde mọ́ kedere, kò sì sí ohun tó lè mú ẹni tó ń kà á fura.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé wa. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù rú díẹ̀, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n rí lórí gbogbo fọ́ọ̀mù irú rẹ̀, ẹlẹ́rìí wà. Orúkọ ń kọ́? A rí Rasheed, lẹ́yìn náà òjìji. Ṣé Rasheed ni àbí Rasheedat? Èdè Lárúbáwá kò gba kéèyàn fò ó, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ pé wọ́n bí ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Àṣìṣe kan nínú orúkọ yóò ràn dé àwọn gbólóhùn tó kù. Pásípọ́ọ̀tù lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó rú. Àmọ́ bí ohun tó wà lórí ìwé bá hàn kedere, tó sì yàtọ̀ sí ti pásípọ́ọ̀tù, ohun tó wà lórí ìwé ni kí olùtúmọ̀ kọ, kó sì sọ fún ẹni tó nìwé.

Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí kankan, nítorí kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù. Tí olùtúmọ̀ bá méfò, tó sì fi nọ́ńbà àwọn Lárúbáwá kọ ọ́, iyèméjì náà ti wọlẹ̀ nìyẹn. Márùn-ún tiwọn, ٥, jọ òdo tiwa, òdo tiwọn sì jẹ́ tóótó kan, ٠. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní Kairó kò ní rí 3 tó jọ 8 mọ́.

Nítorí náà, ibi mẹ́ta péré ni kí a ní kí wọ́n tún yà: ìparí orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, àti òǹtẹ̀. Olùtúmọ̀ lè kọ̀wé báyìí: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì nítòsí fèrèsé láàárọ̀, ẹ má tan iná fóònù. Ẹ gbé fóònù sókè ìwé gbọọrọgbọ kó má dagun, ẹ fìka tẹ ibi lẹ́tà lójú fóònù kó tó yà á, kí ẹ sì ya ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó kún ojú fóònù. Tí ọ̀rá bá ń kọ mànà, ẹ sún ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi í ránṣẹ́ bí Document, kí ẹ sì fi odindi ìwé náà kún un.” Odindi yẹn ni yóò jẹ́rìí pé orí ìwé kan náà ni ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá.

Bí fọ́tò méjì tí wọ́n yà nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára bá fi àbàwọ́n kan náà hàn, orí ìwé gan-an ni àbùkù wà. Kí olùtúmọ̀ kọ ọ́ sínú àkámọ́ pé ibẹ̀ kò ṣeé kà, kí ẹni tó nìwé sì lọ gba ẹ̀dà tó mọ́ ní ọ́fíìsì tó fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé ránṣẹ́, ẹ fẹ fọ́tò yín lójú fóònù kó tó lọ, kí ẹ wo orúkọ, ọjọ́, nọ́ńbà àti òǹtẹ̀. Èyí tí ẹ̀yin tí ẹ nìwé ò bá lè kà, ẹ tún un yà, ẹ má fi sílẹ̀ fún olùtúmọ̀ láti méfò.