Fídíò kan, fóònù méje, ní Àgbowó

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgbowó, lódìkejì títì sí Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí iná. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń bú ramúramù, òórùn bẹntiróòlù àti ti àkàrà tí wọ́n ń dín létí títì da ara wọn pọ̀, ooru sì ti lé gbogbo wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti yí ọmọbìnrin kan ká. Òun ló ra dátà lọ́sàn-án. Ó ti fi dáúnlóòdù fídíò ẹ̀kọ́ ìṣirò kan. Mẹ́gábáìtì 600 ni.

Ẹnì kan ní kó fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́tsáàpù. Wọ́n pariwo lé e lórí. Bí ẹni méjì tilẹ̀ jókòó ti ara wọn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Wọ́tsáàpù máa gbé e gbà: dátà ẹni tó fi ránṣẹ́ á lọ, ti ẹni tó gbà á náà á lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ síwájú gbé fóònù àtijọ́ kan tó ti sán lójú wá, Búlútúùtù nìkan ló sì lè fi gbà á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mo yọjú wò ó: ìdá 7 nínú 100. Tí wọ́n bá dúró, yóò ju wákàtí kan lọ. Wọ́n fagi lé e.

Ẹnì kejì ní Xender, bíi ti ọmọbìnrin náà. Ọ̀kan tẹ Send, èkejì tẹ Receive, àwòrán onígun mẹ́rin kan, dúdú pẹ̀lú funfun wínníwínní, yọ lójú fóònù kan, wọ́n sì gbé kámẹ́rà èkejì sún mọ́ ọn. Wáifáì tí fóònù kan dá sílẹ̀ fún èkejì ni fídíò náà gbà kọjá, kò dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kankan. Ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Dátà ò yẹ̀ rárá.

Ti ẹnì kẹta já lójijì. Fóònù rẹ̀ rí i pé Wáifáì náà ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi í sílẹ̀, ó padà sórí dátà tirẹ̀.

“Ẹ pa dátà yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o!” ni ọmọbìnrin náà ń ké. “Tó bá bi yín bóyá kó dúró lórí Wáifáì tí ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kó dúró.”

Ẹnì kẹta pa dátà, ó tún un ṣe. Fídíò náà wọlé.

Ọmọkùnrin kan ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló tan họ́tísípọ́ọ̀tì láti inú fóònù, dátà wà ní títàn, ó fi fídíò ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tán, kò pa á, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lọ wẹ̀. Fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé Wáifáì ọ̀fẹ́ ni òun bọ́ sí, àwọn ápù inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara wọn di tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ náà ò mọ̀. Ó ti ń wo fídíò rẹ̀.

Bí onítọ̀hún ṣe dé pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn ni fóònù rẹ̀ dún. Dátà ti tán.

“Ta ló wà lórí họ́tísípọ́ọ̀tì mi?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn.