Ewé Wo Ló Tètè Ń Jẹrà?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ jẹ́ kí á ti orí oko àgbàdo kan ní Lánlátẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí. Bí àgbẹ̀ bá tẹ́ ewé sí ẹsẹ̀ àgbàdo, bópẹ́bóyá ewé náà yóò jẹrà. Àmọ́ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, àgbàdo ti ń yọmọ. Oúnjẹ tí ewé bá tú sílẹ̀ lẹ́yìn èyí kò ṣe é láǹfààní púpọ̀ mọ́.

Báwo ni a ṣe ń wọn ìyára ìjẹrà? A ó fi àwọ̀n náílọ́ọ̀nù tí ojú rẹ̀ tó mìlímítà 2 rán àpò kéékèèké. A ó di gíráàmù 20 ewé tí a ti sá gbẹ dáadáa sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì tẹ́ wọn sórí ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 8 àti 12, a ó kó àpò mẹ́ta mẹ́ta wálé, a ó tún sá ewé inú wọn, a ó sì wọ̀n ọ́n. Àpò tí a bá ti kó kì í padà sóko mọ́.

Ní 1963, Jerry Olson ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ báyìí:

X/X₀ = e^(−kt)

X₀ ni ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, X ni èyí tó kù, t ni iye ọ̀sẹ̀, k sì ni ìyára ìjẹrà. Ká ní gíráàmù 9 ló kù nínú 20 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. 9/20 jẹ́ 0.45, ln rẹ̀ jẹ́ −0.80; bí a bá fi 4 pín in, k jẹ́ 0.20 lọ́sẹ̀ kan. Ìdajì ewé náà yóò ti lọ ní 0.693/0.20, èyíinì ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àtààbọ̀. Bí ewé mìíràn bá ṣẹ́ku gíráàmù 18, k rẹ̀ kò ju 0.026 lọ, ìdajì rẹ̀ yóò sì pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 26.

Ẹ má ṣe gbára lé ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ya ln X/X₀ ti gbogbo ọjọ́ sórí ìwé gíráàfù. Dídagun ìlà náà ni k. Bí ìlà náà bá ń tẹ́ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, apá rírọ̀ ló ti kọ́kọ́ lọ, tó ku èyí tó le. Bí ìwọ̀n bá ń pọ̀ sí i dípò kó dínkù, yẹ̀pẹ̀ ti wọ àpò: ẹ sun díẹ̀ nínú rẹ̀, eérú tó bá ju ti ewé fúnra rẹ̀ lọ, yẹ̀pẹ̀ ni, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí àpò kan ṣoṣo bá sì ṣófo lójijì, tí amọ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn, ikán ló kó o lọ.

Ní IITA, Ìbàdàn, Tian, Kang àti Brussaard fi irú àpò yìí ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992. Agúnmaníyè ló tètè jẹrà jù. Lúsínà tẹ̀ lé e. Pòròpórò ìrẹsì àti ti àgbàdo falẹ̀. Igi igbó tí a ń pè ní Asióà ló kẹ́yìn. Ewé tó ní naitirójìn púpọ̀, tí lígínì àti pólífẹ́nọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré, ló ń yára. Ní ti àwọn igi, ewé tí a gé lórí igi ni wọ́n lò. Èyí tó já fúnra rẹ̀ yàtọ̀, nítorí igi máa ń fa naitirójìn padà sára kí ewé tó já; a ní láti wọn k tirẹ̀ lọ́tọ̀.