Owó Ìpín, Owó Àga, Owó Oṣù: Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Àga Tí Ó Ṣófo?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ní Àjàṣẹ́, àwọn obìnrin a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí oṣù Èrèlé bá dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ná owó wọn tán, àga kan náà a sì ṣófo láti àárọ̀ di ọ̀sán. Owó ilé kò dín, owó iná kò dín. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìyá oníṣẹ́ lè gbà sanwó fún onídìrí tí ó mọṣẹ́ tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ohun tí ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tí yóò ru ẹrù àga tí ó ṣófo yìí.

Èkíní ni owó ìpín: nínú iye tí oníbàárà san, onídìrí mú apá kan, ìyá oníṣẹ́ mú ìyókù. Èkejì ni owó àga: onídìrí háyà àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń san iye kan náà lóṣooṣù, gbogbo ohun tí oníbàárà bá san sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni owó oṣù, tí kì í yí padà, yálà oníbàárà wá tàbí kò wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ onídìrí kan ṣe ìṣirò. Kí olúkúlùkù sì fi iye tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ san 180,000 fáráńkì. Ní oṣù Èrèlé, wọ́n san 60,000. Ìdá kan nínú márùn-ún owó yìí ni ó lọ sórí ohun èlò: ìpara tí a fi ń na irun, ọṣẹ ìfọrun, òwú àti òróró. (Mẹ́ẹ̀ṣì kò sí níbẹ̀, nítorí oníbàárà ni ó ń ra tirẹ̀ wá.) Ìpín owó ilé àti iná tí ó kan àga rẹ̀ jẹ́ 30,000 lóṣù.

Bí ó bá ń gba owó ìpín 40 nínú 100, yóò mú 72,000 lọ sílé ní oṣù Ọ̀pẹ̀, àti 24,000 ní oṣù Èrèlé. Lẹ́yìn ohun èlò, iye kan náà gan-an ni ó kù fún ìyá oníṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ni yóò san owó ilé nínú tirẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù Èrèlé ó pàdánù 6,000. Àwọn méjèèjì ni ebi pa, wọ́n jọ pín in.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí owó ìpín ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ní ọjọ́ àdéhùn: ṣé lórí gbogbo owó ni a ó ti pín in, àbí lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ohun èlò? Bí a bá kọ́kọ́ yọ ọ́, ìpín onídìrí ní oṣù Ọ̀pẹ̀ yóò di 57,600 dípò 72,000. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 14,400 fáráńkì. Ẹni tí ó retí èyí tí ó pọ̀ tí a sì fún ní èyí tí ó kéré yóò gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ẹni tí ó purọ́. Àmì àkọ́kọ́ pé ìgbẹ́kẹ̀lé ti bàjẹ́ ni pé onídìrí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dirí fún oníbàárà nílé ní ọjọ́ Àìkú.

Owó àga yí ọ̀rọ̀ náà padà. Bí àga bá jẹ́ 30,000, tí onídìrí sì ń ra ohun èlò fúnra rẹ̀, 114,000 ni yóò kù fún un ní oṣù Ọ̀pẹ̀. Ní oṣù Èrèlé, 18,000 péré ni. Kò sí ewu kankan fún ìyá oníṣẹ́ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká onídìrí. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti bára dọ́gba ni oṣù tí oníbàárà bá san 75,000: yálà ìpín ni o yàn tàbí àga, 30,000 ni yóò kù fún ọ. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kì í sábà kọjá iye náà kò gbọdọ̀ háyà àga, bí ó ti wù kí orúkọ "ọ̀gá ara mi" dùn tó létí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó háyà àga ni ó ń dá iye owó rẹ̀ lé, òun ni ó sì mọ wákàtí tí yóò wá. Ìyá oníṣẹ́ tí ó ń gba owó àga, tí ó tún ń pàṣẹ pé kí ó dé ní agogo mẹ́jọ, tí ó sì ń sọ iye tí yóò gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ń gba èrè onílé àti àṣẹ ọ̀gá pọ̀. Òfin iṣẹ́ ń wo ẹni tí ó wà lábẹ́ àṣẹ, kò wo orúkọ tí a fún owó náà.

Owó oṣù ni ó wúwo jù fún ọ̀gá. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà jẹ́ 52,000 fáráńkì ní Bẹ̀nẹ̀, 52,500 ní Tógò. Ní oṣù Èrèlé wa, bí a bá san 52,000 àti ohun èlò nínú 60,000, a ti jẹ gbèsè 4,000 kí a tó rántí owó ilé, kí a tó sì san tiwa fún CNSS. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ọ̀pẹ̀, 62,000 ni yóò kù lẹ́yìn owó ilé. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ san owó oṣù gbọ́dọ̀ lè tọ́jú èrè oṣù Ọ̀pẹ̀ títí di ọjọ́ tí àga bá ṣófo. Àwọn tí wọ́n ti ná an sórí aṣọ ọdún ni wọ́n ń jẹ gbèsè owó oṣù.

Ó ku ọmọ iṣẹ́, ẹni tí ìṣirò wọ̀nyí kì í sábà dárúkọ. Níbi púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, òbí ni ó ń sanwó kí wọ́n tó gba ọmọ sẹ́nu iṣẹ́. Owó oúnjẹ àti ẹ̀bùn oníbàárà ni ọmọ náà ń rí. Kì í gba ìpín, kì í gba owó oṣù. Síbẹ̀, ọ̀nà tí a fi ń sanwó fún onídìrí ni ó ń pinnu bóyá ọmọ náà yóò mọṣẹ́.

Onídìrí tí ó ń gba ìpín fẹ́ kí orí pọ̀ lóòjọ́. Bí orí kan tí ó jẹ́ 5,000 fáráńkì bá ń gba òun nìkan ní wákàtí mẹ́fà, tí ọmọ iṣẹ́ méjì sì mú un di wákàtí mẹ́ta àbọ̀, yóò lè dirí ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan náà, yóò sì mú 2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ náà yóò máa ya irun, wọn yóò máa di ìparí, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́ta. Ìbẹ̀rẹ̀ ìdì níwájú orí, níbi tí àṣìṣe ti ń hàn, kò ní dé ọwọ́ wọn, nítorí àṣìṣe ń fa àkókò sẹ́yìn. Ọjọ́ ìdánwò CQM ni àṣírí yóò tú.

Ẹni tí ó háyà àga kò jẹ ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíràn ní ẹ̀kọ́ kankan. Bí ó bá lò ó, ó lo ọwọ́ tí kò sanwó fún. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù nìkan ni kò pàdánù nǹkan kan bí ó bá dúró ti ọmọ kan tí ó ń tú ìdì kan dì lẹ́ẹ̀mẹta. Lójú tèmi, ìdí yìí tó fún ìyá oníṣẹ́ tí ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún láti san owó oṣù fún onídìrí kan, ó kéré tán, kí ó sì fi ìpín sílẹ̀ fún àwọn yòókù.

Bí agbára kò bá ká a, ìwé kékeré kan lè dí àlàfo náà díẹ̀. Lórí orí kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìdì níwájú, ẹni tí ó parí i, àti iye ohun èlò tí ó gbà. Kí a yọ 200 fáráńkì nínú ìpín onídìrí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá a fọwọ́ sí i, kí ìyá oníṣẹ́ sì fi 200 tirẹ̀ lé e fún ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìdì fúnra rẹ̀. Lópin oṣù, bí a kò bá rí orúkọ ọmọ ọlọ́dún kẹta kankan lábẹ́ "ìbẹ̀rẹ̀", a ti mọ ohun tí a ó bi onídìrí kí òbí tó wá béèrè.