Ṣé Ojú Lásán Ni Ẹni Tó Fẹ́ Arẹwà Ń Wò?

Ìyá ọ̀dọ́kùnrin kan n'Íbàdàn ti bá a rí ìyàwó: ọmọlúàbí, òṣìṣẹ́, ọmọ ilé ire. Ohun kan ló kù. Ọmọ náà ò wọ̀ ọ́ lójú. Ló bá bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ṣé òun ò ti ya aláìnírònú báyìí, tó jẹ́ pé ẹwà lòun ń lé.

"Kò sóhun tó burú níbẹ̀," lọ̀rẹ́ rẹ̀ fèsì. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo tiẹ̀ ti rí i ná?"

Ìbéèrè yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń fi "ìwà lẹwà" pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́ máa ń gbàgbé pé ìfojúsóde ni ìgbéyàwó ìbílẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú á kọ́kọ́ rí i kí alárinà tó gbéra, kí wọ́n tó wádìí ilé wò.

Ojú sì lágbára lóòótọ́. Ní 1966, Elaine Walster àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí òde ijó tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló máa bá kálukú wá ẹnìkejì tó bá a mu. Irọ́ ni: wọ́n kàn dà wọ́n pọ̀ ni, àfi pé wọn ò jẹ́ kí obìnrin ga ju ọkùnrin rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ti ń fún ẹwà wọn ní máàkì níkọ̀kọ̀. Nígbà tí ijó dáwọ́ dúró díẹ̀, wọ́n bi wọ́n léèrè bí ẹnìkejì ṣe rí lára wọn. Ọpọlọ pípé ò gbè wọ́n, ìwà ò gbè wọ́n. Ẹwà nìkan ló ń pinnu ẹni tí wọ́n fẹ́ tún rí.

Ṣùgbọ́n wákàtí méjì ààbọ̀ péré nijó yẹn. Ìwà wo lèèyàn fẹ́ rí láàárín ìyẹn?

Ní 2015, Lucy Hunt, Paul Eastwick àti Eli Finkel yẹ tọkọtaya àti olólùfẹ́ 167 wò. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra ni, àwọn kan ti wà pọ̀ fún ọdún 53. Àwọn àjèjì wo fídíò wọn, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní máàkì ẹwà. Àwọn tí ìfẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kan tí wọ́n mọra, ẹwà wọn sáábà máa ń dọ́gba. Àwọn tó ti mọra tipẹ́ kí ìfẹ́ tó wọ̀ ọ́, tí wọ́n jọ jẹ́ ọ̀rẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀: arẹwà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tójú àjèjì ò kà sí. Ìdùnnú wọn nínú ìfẹ́ náà ò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dín kù. Ẹni téèyàn mọ̀ dáadáa, kì í ṣe ojú ará ìta ló fi ń wò ó mọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà rò ó díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní, ìkejì sì rèé, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, níbi tí ìyá òun tìkára rẹ̀ ti jókòó sí àárín wọn.

"Ẹ jọ máa rìn fóṣù mélòó kan," lọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Bí kò bá ṣì wù ọ́, sọ fún màmá. Má fi àánú fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ."