Ìrẹsì tó ṣẹ́kù sí ìdí ìkòkò: Bí àwọn olóúnjẹ Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ṣe lè dín òfò kù

Bí ènìyàn bá gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ìbàfò àti Mowé, yóò rí àwọn olóúnjẹ tí wọ́n ti dáná kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní Ìfọ̀, níbi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Èkó. Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìrẹsì tó kù sí ìdí ìkòkò ni yóò sọ bóyá olóúnjẹ jèrè tàbí ó pàdánù. Owó ìrẹsì, owó gáàsì àti wàhálà òwúrọ̀ ló jọ ń bá ohun tí wọ́n dà nù lọ.

Òfò yìí kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan. Ìròyìn tí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká gbé jáde lọ́dún 2024 sọ pé oúnjẹ tó ṣòfò lágbàáyé lọ́dún 2022 lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù, àti pé ọwọ́ àwọn tó ń se oúnjẹ tà ni nǹkan bíi mílíọ̀nù 290 nínú rẹ̀ ti wá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfò ń gbà wọlé: èyí tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò, èyí tí oníbàárà fi sílẹ̀ nínú abọ́, àti èyí tí ọ̀bẹ gé kúrò.

Ìwé àjákọ ni oògùn ti ìkòkò. Lójoojúmọ́, kí olóúnjẹ kọ iye kóńgò tó sè, iye tó kù, àti aago tí oúnjẹ tán. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yìí. Bí ìrẹsì bá tán ní aago 1 ọ̀sán, iye tí wọ́n tà kọ́ ni iye tí àwọn ènìyàn ìbá rà, nítorí àwọn tó dé lẹ́yìn náà ti padà lọ.

Ká ní olóúnjẹ kan ní Mowé ta kóńgò 10, 11 àti 9 ní ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta, ṣùgbọ́n tó ta 16 ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ sí ìsìn oṣooṣù ìjọ Rìdíìmù. Bí ó bá da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tó sì pín in sọ́nà mẹ́rin, yóò rí kóńgò 11 àti ààbọ̀. Iye yìí pọ̀ jù fún ọjọ́ Ẹtì lásán, kò sì tó fún ti àkọ́kọ́ oṣù. Nítorí náà, kí ó ya ọjọ́ ìsìn sọ́tọ̀. Kóńgò 10 ni ti ọjọ́ lásán.

Síbẹ̀, kó má se 10 náà lẹ́ẹ̀kan. Kí ó se 7 láàárọ̀, kí ó fi 3 pamọ́ ní tútù. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé kóńgò 5 ló máa ń tà kó tó di aago 12, tó sì jẹ́ pé 3 péré ló tà lónìí, kó má fọwọ́ kan èyí tó fi pamọ́. Ìrẹsì tútù kì í bàjẹ́ di ọ̀la.

Ti abọ́ kan ṣíbí tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ. Bí olóúnjẹ bá ti wọ̀n ọ́n, tó rí i pé kóńgò kan ń mú ṣíbí 20 jáde, kóńgò 7 gbọ́dọ̀ di ṣíbí 140. Bí ìkòkò bá ṣófo, tí owó tó wọlé sì jẹ́ ti 115, àwọn tó ń bù ú ti ń bù ú ní gègèlè. Ṣíbí kan náà, tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ́jú, ni kí gbogbo wọn máa lò. Kí ó sì wo àwọn abọ́ tó padà: bó bá jẹ́ pé ẹ̀bà ló ń ṣẹ́kù nínú ọ̀pọ̀ wọn, òkèlè ti tóbi jù. Kí ó máa ta èyí tó kéré pẹ̀lú, ní owó tó kéré.

Ní ti ohun tí ọ̀bẹ gé, egungun àti orí ẹja máa ń fún ọbẹ̀ ní omi tó dùn, bí wọ́n bá sè é lọ́jọ́ náà gan-an. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kó o sínú garawa tí ọ̀rá àti egungun kò sí. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú nígbà tó bá tutù, nítorí náà kí wọ́n sá a gbẹ nínú oòrùn kí ẹran tó jẹ ẹ́.

Àlà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ré kọjá. Ohun tó ti dé abọ́ oníbàárà kò gbọdọ̀ padà sínú ìkòkò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kìlọ̀ pé kí oúnjẹ sísè má wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ láìgbóná dáadáa tàbí kí ó wà nínú fíríìjì. Kòkòrò kan wà tó ń hù nínú ìrẹsì tó bá tutù sílẹ̀, májèlé tó ń fi sílẹ̀ kì í sì í kú bí wọ́n bá tún gbé e kaná. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, títún ìrẹsì àná tà kì í ṣe ọ̀nà láti dín òfò kù. Èyí ló fà á tí kóńgò 3 tí wọ́n fi pamọ́ ní tútù fi sàn ju èyí tí wọ́n sè ṣẹ́kù lọ.