ICAN tàbí ìwé ẹ̀rí àkọsílẹ̀ owó: Èwo ni kí ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìṣirò owó kọ́kọ́ ṣe?

Bí èsì WAEC bá ti jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń sọ fún àwọn òbí wọn pé àkáńtì ni àwọn fẹ́ ṣe. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn ti máa ń pọ̀. Àwọn kan á ní kí ọmọ lọ sí yunifásítì, kó sì ṣe ICAN lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ọdún yẹn ti pọ̀ jù, kó kọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ owó lóṣù mẹ́ta, kó máa gba owó oṣù. Ohun tí kì í hàn nínú ìmọ̀ràn méjèèjì ni pé iṣẹ́ tí ọ̀nà méjèèjì ń gbé ènìyàn dé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ iṣẹ́ náà ni yóò mọ èyí tó yẹ kí ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ akọ̀wé owó

Akọ̀wé owó ló ń rí i pé gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde wà nínú ìwé, àti pé ìwé náà bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ, ó sì gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ láti máa kọ owó rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìparí oṣù, ìwé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù sọ pé ₦1,240,000 ló yẹ kó wà ní bánkì. Ṣùgbọ́n ìwé tí bánkì fi ránṣẹ́ ń sọ ₦1,315,000. Ìyàtọ̀ ₦75,000 wà láàárín méjèèjì.

Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè yọ̀ pé owó ti lé. Akọ̀wé owó kì í yọ̀, ńṣe ló máa mú ìwé méjèèjì, tí á sì fi ìlà kan wé èkejì. Ó rí i pé oníbàárà kan fi ₦60,000 ránṣẹ́ tààrà sí bánkì, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tún rí i pé bánkì ti yọ ₦5,000 fún owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ó fi ₦60,000 kún ìwé ṣọ́ọ̀bù, ó yọ ₦5,000 kúrò, ó di ₦1,295,000. Lẹ́yìn náà ló wá rántí ṣẹ́ẹ̀kì ₦20,000 tí wọ́n kọ fún ẹni tó ń ránṣọ fún wọn, tí onítọ̀hún kò tíì gbé lọ sí bánkì. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ₦1,315,000 ti bánkì, òun náà di ₦1,295,000. Ìwé méjèèjì ti bára mu.

Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe é lóṣooṣù, owó oníbàárà yóò sọnù nínú ìwé, wọ́n á máa bi ẹni tó ti san gbèsè rẹ̀ léèrè owó, olè inú ilé á sì rí ibi fara pamọ́ sí. Ọmọ tó bá ní làákàyè, tó sì ní sùúrù, lè kọ́ ọ láàárín oṣù mélòó kan, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń lo Excel tàbí QuickBooks.

Ibi tí iṣẹ́ ṣátẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, ká ní oníbàárà kan jẹ ₦400,000, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, kò sì gbé fóònù mọ́. Ṣé owó ìyá yìí ṣì ni ₦400,000 náà, àbí ó ti sọnù? Ẹrù kan ti wà nílẹ̀ láti ọdún méjì, àṣà rẹ̀ ti kọjá. Ṣé iye tí wọ́n rà á ni wọn yóò kọ, àbí iye tí ẹnikẹ́ni lè rà á lónìí? Ìdáhùn sí ìbéèrè báyìí kò sí nínú ìwé bánkì. Ó ní ìlànà tí wọ́n fi ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì dá a gbọ́dọ̀ lè dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú àwọn tó fẹ́ yá ilé-iṣẹ́ lówó, àwọn tó ní ìpín níbẹ̀, àti ìjọba. Iṣẹ́ ṣátẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Òfin náà tún pààlà síbẹ̀. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà, CAMA ti ọdún 2020, ẹni tó lè yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ oníṣirò owó tí òfin dá sílẹ̀. Méjì ni wọ́n. ICAN jẹ́ èyí tí òfin ọdún 1965 dá sílẹ̀, olóògbé Akíntọ́lá Williams ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. ANAN ni èkejì, òfin ọdún 1993 ló gbé òun kalẹ̀. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN, ó ṣì ní ìwé àṣẹ mìíràn láti gbà kó tó lè dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé owó kò lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré kúrò nínú àyẹ̀wò yìí. Lára ohun tó fi mọ̀ wọ́n ni pé owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju ₦120 mílíọ̀nù lọ, ohun ìní wọn lẹ́yìn gbèsè kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦60 mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé aládàáni àti ilé búrẹ́dì tí a mọ̀ ládùúgbò kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé kọ́ ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe ẹni tó máa kọ ìwé náà dáadáa. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ akọ̀wé owó fi ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀, tí iṣẹ́ ṣátẹ́ẹ̀dì sì ń pẹ́ kó tó pè.

Ọ̀nà àárín tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ni ATSWA, ìdánwò àwọn òṣìṣẹ́ ìṣirò owó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ICAN ń ṣe ní Nàìjíríà. Ọmọ tó ní kírẹ́díìtì tó pé nínú WAEC tàbí NECO, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, lè forúkọ sílẹ̀ láìlọ sí yunifásítì. Apá mẹ́ta ló ní, iṣẹ́ mẹ́rin sì wà nínú apá kọ̀ọ̀kan. Apá kìíní bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ìṣirò owó àti òfin òwò. Nígbà tí ọmọ bá fi dé apá kẹta, ó ti kan ìṣirò owó orí, ìṣirò iye tí ọjà ń náni, àti ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò ìwé owó. Oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún.

Àǹfààní méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ilé-iṣẹ́ mọ̀ ni, ó sì tún jẹ́ ẹnu ọ̀nà sí ìdánwò ICAN fúnra rẹ̀. Kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta ti kọ̀ǹpútà kò ní èkejì yìí. Ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́, kò sì burú, ṣùgbọ́n kò ṣí ilẹ̀kùn kankan lẹ́yìn ara rẹ̀.

Bí ó ṣe lè rí fún ọmọ kan

Ká ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ní kírẹ́díìtì rẹ̀, JAMB kò gbé e wọlé, owó ilé kò sì pọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Excel àti àkọsílẹ̀ owó, ó sì ń bá mọ̀lẹ́bí kan kọ owó ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣe apá kìíní ATSWA ní oṣù kẹta, apá kejì ní oṣù kẹsàn-án, apá kẹta ní oṣù kẹta tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá fìdí rẹmi, ọdún kan ààbọ̀ ti parí rẹ̀, ó sì ti ń rí owó díẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè wọ ICAN. Ìpele mẹ́ta ni, wọ́n ń ṣe ìdánwò ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá, máàkì 50 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni wọ́n fi ń yege nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, ó lè parí nígbà tó bá wà ní nǹkan bí ọdún méjìlélógún. Kì í sábà lọ geere. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tún ìpele ìkẹyìn ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà ẹ fi ọdún kan tàbí méjì kún un nínú ètò yín. ICAN tún ń béèrè ìrírí iṣẹ́ kó tó gba ènìyàn wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́.

Bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì tàbí pọ́lì fún àkáńtì, kò sí ìdí fún ATSWA. Dígírì rẹ̀ yóò jẹ́ kí wọ́n fo àwọn iṣẹ́ kan fún un nínú ICAN, ó sì lè yan ANAN dípò rẹ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Kwall, nítòsí Jos.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà

Àkọ́kọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ta ìwé ẹ̀rí tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ṣátẹ́ẹ̀dì. Ẹ bi wọ́n pé òfin ọdún wo ló dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀. Bí wọn kò bá lè dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ni, kí owó tí ẹ máa san sì jẹ́ owó iṣẹ́ ọwọ́.

Èkejì ni kíka owó ìdánwò nìkan. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ìwé wà, owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún wà, owó ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń ju gbogbo wọn lọ. Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì fi owó ìdánwò méjì tí ọmọ lè tún ṣe kún un.

Ẹ̀kẹta ni kí ọmọ máa ṣe ìdánwò lọ láìfọwọ́ kan ìwé owó ilé-iṣẹ́ kankan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dé ìpele ìkẹyìn láìtíì fi ìwé bánkì wé ìwé ṣọ́ọ̀bù rí, ìbéèrè tó bá dá lórí ilé-iṣẹ́ gidi á sì rú u lójú. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ fún un ní ìwé bánkì oṣù kan àti àkọsílẹ̀ òwò yín. Bí kò bá lè sọ ìdí tí iye méjèèjì fi yàtọ̀, iṣẹ́ akọ̀wé owó ni kó kọ́kọ́ kọ́, ì báà jẹ́ pé ó ti ní dígírì.