Ìkókoré Nínú Fọ́tò, Abọ́ 30 Lórí Tábìlì

Ìkókoré kì í rẹwà nínú fọ́tò. Ẹni tó dàgbà sí Ìjẹ̀bú kò ní bìkítà bó ṣe rí, nítorí ó ti mọ adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, tó ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù rẹ̀ lọ sókè, nǹkan pupa rúsúrúsú tó rí kógókógó ló máa rí, á sì kọjá lọ. Ìdí nìyí tí mo fi yàn án láti ṣàlàyé bí ilé oúnjẹ kékeré ṣe lè fi àwòrán gbé oúnjẹ tuntun jáde, kó sì pe ìwọ̀nba èèyàn wá tọ́ ọ wò.

Ká ní ilé oúnjẹ náà wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Tábìlì mẹ́fà ló ní, àmàlà àti ìrẹsì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyá olóúnjẹ wá fẹ́ máa se ìkókoré ní gbogbo Sátidé.

Aṣọ mímọ́ ló máa kọ́kọ́ wá. Fóònù tó ń gbé inú ilé ìdáná kì í ṣaláìní epo lójú kámẹ́rà, àwòrán tó bá sì yà á máa ṣú dùdù bí ẹni pé èéfín wà níbẹ̀. Ẹ nù ún dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé tábìlì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ò ta wọlé tààrà, kí ẹ sì pa gbogbo iná yàrá. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ iná àti ti ojúmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí méjèèjì bá pàdé lórí epo pupa, fóònù ò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀lé, epo tó ń dán á wá pọ́n bí ẹrẹ̀. Iná fóònù fúnra rẹ̀ tún burú jù, torí iwájú ló ti ń tàn, ó sì ń pa gbogbo òjìji. Òjìji yẹn gan-an la nílò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, kókó ewùrà á yọrí lọ́kọ̀ọ̀kan, epo á dán láàárín wọn. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá dúdú jù, ẹ gbé páálí funfun dúró níbẹ̀, á dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà.

Ẹ má tíì bu oúnjẹ o. Abọ́ òfìfo la fi ń wá ibi tí abọ́ àti fóònù máa wà, nítorí bí ìkókoré bá ti ń tutù, ewùrà inú rẹ̀ á máa dì, ojú rẹ̀ á gbẹ, dídán rẹ̀ á sì lọ. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí ìgbà tí ẹ bù ú ni kí ẹ ti yà á tán. Ẹ mú fóònù sí ibi tí ojú ẹni tó jókòó jẹun máa ń wà, kì í ṣe òkè téńté, torí oúnjẹ tó ga díẹ̀ nínú abọ́ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí a bá yà á látòkè. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tẹ 2x. Bí fóònù bá sún mọ́ abọ́ jù, iwájú abọ́ á wú. Ẹ fọwọ́ kan oúnjẹ náà lójú fóònù, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí etí abọ́ funfun yóò fi hàn kedere.

Abọ́ tó wà nínú àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ abọ́ tí a máa gbé síwájú èèyàn. Níbí ni mi ò ti ní dẹ ọwọ́ rárá. Ní 1970, àjọ tó ń bójú tó ìṣòwò ní Amẹ́ríkà pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ ọbẹ̀ inú agolo Campbell pé kó jáwọ́ nínú irú ìpolówó kan, lẹ́yìn ẹ̀sùn pé wọ́n kó bọ́ọ̀lù gíláàsì kéékèèké sí ìsàlẹ̀ abọ́ kí ẹ̀fọ́ lè gòkè, kí ọbẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó kún fún un. Nàìjíríà náà ní òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí kò fàyè gba kí oníṣòwò ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà rẹ̀. Bí orí ẹja gbígbẹ ńlá bá wà nínú fọ́tò, ó gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́. Bí abọ́ ìtọ́wò bá kéré, òun gan-an ni kí ẹ yà, kí ẹ fi ọwọ́ tàbí ṣíbí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn.

Iye abọ́ ń kọ́? Ìkòkò ló máa sọ ọ́. Ká ní ewùrà tí a ti rin jẹ́ kílò mẹ́ta, tí omi, ata, epo àti ẹja wá sọ ọ́ di bíi kílò márùn-ún. Bí abọ́ ìtọ́wò bá jẹ́ gíráàmù 150, abọ́ 33 ló wà níbẹ̀. Ẹ pè é ní 30, kí mẹ́ta jẹ́ ti èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò àti ti àwọn tó sè é. Bí gbogbo ohun èlò àti gáàsì bá jẹ́ ₦24,000, abọ́ kan ná wa ní ₦800. Bí a bá tà á ní ₦500, àdánù rẹ̀ jẹ́ ₦9,000, iyẹn sì ni owó ìpolówó wa. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n fi ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ máa ń kó èrò jọ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ká mọ ẹni tó máa fowó ra abọ́ kíkún.

Ohun tí a máa kọ sábẹ́ àwòrán nìyí:

“Ìkókoré Ìjẹ̀bú: abọ́ ìtọ́wò 30, ₦500, Sátidé 14 oṣù kẹfà nìkan. Aago 12 sí aago 3 ọ̀sán. Ewùrà, epo pupa, ẹja gbígbẹ, edé àti pọ̀nmọ́ ló wà nínú rẹ̀. Abọ́ 20 wà fún ẹni tó bá fi orúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp. 10 yòókù, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, abọ́ kíkún á jẹ́ ₦3,500.”

Orúkọ, iye àti ọjọ́ ló ṣíwájú, nítorí Instagram máa ń gé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn bí ìlà kan tàbí méjì. A dárúkọ edé àti ẹja nítorí àwọn tí ara wọn ò gbà á. A kọ ₦3,500 síbẹ̀ kí ₦500 má bàa di iye tí èèyàn máa retí títí láé. Àdírẹ́sì náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ nítòsí.

Lórí WhatsApp, wákàtí 24 péré ni Status ń lò, ẹni tó bá sì fi nọ́ńbà yín pa mọ́, tí ẹ̀yin náà fi tirẹ̀ pa mọ́, ló máa rí i. Nítorí náà, ẹ gbé e síta ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ tún gbé e síta láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú àwòrán ìkòkò tó wà lórí iná. Bí abọ́ 30 bá tán, ẹ kọ ọ́ pé ó ti tán, kí ẹ má sì ta ìkọkànlélọ́gbọ̀n ní ₦500, kódà bí ẹni tó ń bẹ̀ yín bá jẹ́ ọ̀rẹ́. Ẹni tó tètè fi orúkọ sílẹ̀ nítorí abọ́ ò pọ̀ yóò gbọ́, kò sì ní yára nígbà mìíràn.

Ìbéèrè àwọn èèyàn máa ń fi ibi tí iṣẹ́ kù sí hàn. “Níbo lẹ wà?” túmọ̀ sí pé àdírẹ́sì ò hàn. Bí ọ̀pọ̀ bá wo Status tí kò sẹ́ni tó fi orúkọ sílẹ̀, ẹ yẹ àwòrán wò, kí ẹ yẹ wákàtí náà wò pẹ̀lú. Bí 20 bá fi orúkọ sílẹ̀ tí mọ́kànlá péré wá, ẹ gba ₦500 náà ṣáájú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí abọ́ bá ń padà sí ilé ìdáná pẹ̀lú oúnjẹ nínú, fọ́tò ò lẹ́bi. Ẹ lọ bi ẹni tó jẹ ẹ́ bóyá iyọ̀ ni, ata ni, tàbí kókó ewùrà tí kò jinná. Ẹ kọ orúkọ àwọn 30 náà sínú ìwé, kí ẹ fi àmì sí ẹni tó bá padà wá ra abọ́ kíkún láàárín Sátidé méjì. Iye àmì wọ̀nyẹn ló máa sọ bóyá ₦9,000 náà sanwó fún ara rẹ̀.

Ní alẹ́ Sátidé kan náà, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán Instagram, torí ìyẹn kì í pòórá bíi Status. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé ìtọ́wò ti parí, kí ẹ gbé ₦3,500 sí ibi tí ₦500 wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á fi fóònù rẹ̀ hàn yín lóṣù tó ń bọ̀, á sì ní kí ẹ bu abọ́ ₦500 fóun.